Èsì: Ìkéde iṣẹ́ fún gúrúùpù àwọn nọ́ọ̀sì

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kéde iṣẹ́ nínú gúrúùpù Wasáàpù àwa nọ́ọ̀sì. Kí ni kí n kọ, kí ni kí n yọ?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báyìí ni n bá ṣe kọ ọ́:

"A ń wá nọ́ọ̀sì kan, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Láísẹ́ńsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. ₦120,000 lóṣù, ilé wà. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Jímọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá 2025."

Ẹ má kọ "Jímọ̀ tó ń bọ̀" o. Tí wọ́n bá ti fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn, ta ló máa mọ Jímọ̀ wo ni? Èmi náà ti wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ rí nítorí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó oṣù méjì tí àwọn ti rí ẹni gbà.

Ẹ má fi owó pamọ́ rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, "èló ni?" lọ́tùn-ún lósì ló máa bo ìkéde yín mọ́lẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn sílẹ̀, ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá ti rí ẹni, ẹ fèsì sábẹ́ ìkéde yẹn gan-an pé àyè ti kún.