Rúútà tó ń gbóná lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọ̀la láago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tan rúútà, á ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á já. Ṣé kí n pe àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa ni?"

Àbúrò, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Rúútà tó máa ń dáa nígbà tó bá tutù, tó wá ń já lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ooru ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí ní Àjàṣẹ́ bá irú ẹ̀ pàdé nírọ̀lẹ́ tí ìdánwò ẹ̀ ku ọ̀la. Windows elédè Faransé ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó ṣí cmd, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ó tẹ `ipconfig`, ó wá wo nọ́ńbà tó wà níwájú "Passerelle par défaut". Nọ́ńbà yẹn ni ti rúútà fúnra ẹ̀. Tiẹ̀ jẹ́ 192.168.1.1. Ó ṣí cmd méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
ping -t 192.168.1.1
ping -t 8.8.8.8
```

Ti àkọ́kọ́ ń pe rúútà inú ilé, ìkejì ń pe ìta. Bí rúútà bá ń dáhùn tí ìta nìkan dákẹ́, ìgbà yẹn ni kí o pe àwọn tó ń tà á. Ní tiẹ̀, "temps=2 ms" ni rúútà kọ́kọ́ ń dá a lóhùn, ó gòkè dé 300, ó dé 800, kó tó di pé "Délai d'attente de la demande dépassé.", ìyẹn ni pé èsì kò dé lásìkò, gba ojú cmd méjèèjì. Wáìfáì tí kò lágbára náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ló bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò LAN. Kò yàtọ̀. Ó wá rí i pé gbogbo iná ara rúútà kú, wọ́n sì ń tàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan: rúútà ń pa ara ẹ̀, ó ń tún ara ẹ̀ tan.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni rúútà náà wà, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n, ṣájà ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, ìborùn kan já lé e lórí, eruku ọyẹ́ sì ti dí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò ṣeé gbọ́wọ́ lé. Ọ̀pọ̀ rúútà ilé ni wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ tí kò gbóná ju 40 °C lọ. Lóṣù kẹta, inú yàrá wa níbí máa ń kọjá 30 kí a tó tan ohunkóhun. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn, ìwọ̀nba tó kù yẹn kì í pẹ́ tán.

Ó yọ ṣájà, ó fi rúútà sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. (Má gbé e sínú fìríìjì o: tó bá jáde, omi á sẹ̀ sínú ẹ̀.) Ó fi búrọ́ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá ihò ẹ̀, kò fi aṣọ tútù kàn án. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìdérí ìgò mẹ́rin tì í lẹ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀, ó sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí i ká. Ṣájà lọ sójú iná ọ̀tọ̀ lára ògiri. Ó dá cmd méjèèjì padà, ó ṣí fídíò kan tì wọ́n kí iṣẹ́ lè wọ rúútà lọ́rùn, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí méjì tí ìdánwò ẹ̀ máa gbà. Kò já.

Tí tìẹ bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣájà ló kù. Ṣájà tó ti rẹ̀ máa ń pa rúútà bákan náà, òun náà sì máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣì í mọ̀. Tí ara rúútà bá kọ 12V 1A, ṣájà tí o máa yá gbọ́dọ̀ jẹ́ 12V gan-an. 1A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò burú. Rúútà tó kọ 9V, má ki ti 12V bọ̀ ọ́, ó lè jóná. Wo àmì + àti − tó wà nítòsí ihò náà pẹ̀lú, kí wọ́n bára mu.

Àyẹ̀wò alẹ́ yìí kò tíì tó, torí alẹ́ tutù. Láago mẹ́jọ ọ̀la, tún tan gbogbo ẹ̀ kí o sì máa wò ó títí di mẹ́wàá, pẹ̀lú fáànù tó kọjú sí i. Ra dátà sórí fóònù lálẹ́ yìí, fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí o sì dán pínpín íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò nígbà tí rúútà wà ní pípa. Tí rúútà bá kú láàárín ìdánwò, má ti ojú ewé ìdánwò pa, má sì dúró dè é. Tan ti fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóònù náà kò gbọdọ̀ wà nínú oòrùn tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí, torí pínpín íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbígba iná lẹ́ẹ̀kan náà máa ń mú un gbóná.