“Ó” tàbí “wọ́n” lẹ́yìn “ni”

“Ẹ̀gbọ́n, bàbá kan ní Àkúrẹ́ gbé ìtàn ìdílé wọn fún mi pé kí n bá wọn tún un ṣe. Wọ́n kọ ‘Àwọn àgbà ni o pè mí. Ó sì fún mi lóbì.’ Ṣé kí n sọ méjèèjì di ‘wọ́n’?”

Àbúrò, má fọwọ́ kan “ó” àkọ́kọ́, àmì ohùn nìkan ni kí o fi sí i, torí “o” láìlámì ń tọ́ka sí ìwọ. Lẹ́yìn “ni”, “ó” kì í ka iye ènìyàn. A máa ń sọ pé “èmi ni ó ṣe é”, “àwọn ọmọ ni ó fọ́ ọ.” “Wọ́n” lè dún dáadáa létí rẹ lónìí, àmọ́ bàbá kò ṣàṣìṣe. Èmi náà ti yí irú rẹ̀ padà rí, ẹni tó ni ìwé sì ní kí n dá ọ̀rọ̀ òun padà fún òun!

Ti ẹ̀ẹ̀kejì yàtọ̀. “Ni” kò sí níbẹ̀, nítorí náà “Ó” dúró fún àwọn àgbà fúnra wọn, kí o sì kọ ọ́ báyìí: “Wọ́n sì fún mi lóbì.” Bó bá tiẹ̀ jẹ́ àgbà kan ṣoṣo ló fún un lóbì, “wọ́n” náà ni ọ̀wọ̀ máa mú wá.