Ìwé iṣẹ́ aránṣọ lórí Google Sheets: aṣọ kan, ìlà kan

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aránṣọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Òṣogbo àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ sí ti ń dàrú. Ọjọ́ tí mo dá fún èèyàn ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ẹni tó ti san tán àti ẹni tó kù sí. Báwo ni mo ṣe lè tò ó sórí Google Sheets kó má nira?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé oníbàárà la máa ń kọ sílẹ̀, a kì í kọ aṣọ. Oníbàárà kan lè kó aṣọ mẹ́ta wá. Ọ̀kan ti tán, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe mọnogíráàmù, ọ̀kan ṣì wà nínú náílọ́nù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lórí ìlà kan, kí lẹ máa kọ pé ó dé? Aṣọ kan, ìlà kan ni mo máa ń ṣe. Àmọ́ gbogbo aṣọ tó bá jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà ló máa ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Ẹ ṣí ojú ìwé méjì nínú fáìlì náà. Ẹ pe èkíní ní Ise, ẹ pe èkejì ní Owo. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ wọn, nítorí bí ẹ bá ṣe kọ orúkọ náà gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ṣe kọ ọ́ nínú fọ́múlà, kì í sì í ṣe gbogbo kíbọ́ọ̀dù fóònù ló rọrùn láti fi fi àmì sí i. Òpó mẹ́sàn-án ló wà lójú ìwé Ise, láti A dé I: nọ́ńbà, orúkọ, fóònù, aṣọ, ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tèmi, ibi tó dé, owó iṣẹ́, àti ìyókù. Lójú ìwé Owo, mẹ́rin péré ni: ọjọ́, nọ́ńbà, iye, àti bóyá káàṣì ni tàbí tìránsífà.

Ẹ fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà, bíi T041. Bí ẹ bá kọ 041 lásán, òdo iwájú á pòórá, 41 ló máa kù. Ohun kan náà ló ń ṣe nọ́ńbà fóònù tó bá fi 080 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ mú òpó C, ẹ lọ sí Format, Number, kí ẹ yan Plain text kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i. Nọ́ńbà yìí náà ni mo máa ń kọ sára ìgékù gọ́ọ̀mù sítéè, tí mo sì máa ń fi pín-ìn-nì mọ́ aṣọ gan-an. Bí ọmọ iṣẹ́ bá mú léèsì kan dání tó ń bèèrè pé ti ta ni, kò ní pariwo orúkọ oníbàárà káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ìdíwọ̀n ò sí níbí o. Inú ìwé ìdíwọ̀n ló wà, nọ́ńbà yìí la sì fi ń wá a.

Ó kan ọjọ́. Ọjọ́ méjì ló yẹ kí aṣọ ní. Ọjọ́ àdéhùn ni ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà á. Ọjọ́ tèmi ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí máṣìnì, kí àyè lè wà fún bọ́tìnnì, fún lílọ̀, fún kó wá wọ̀ ọ́ wò, àti fún iná ọba tí kò ní í sí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tèmi nìkan ni mo máa ń wò láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló tó fún bùbá àti ìró. Ẹ fi èyí sí F2 kí ẹ fà á sísàlẹ̀:

```
=IF(E2="","",E2-3)
```

IF tó ṣáájú ṣe pàtàkì. Láìsí i, ìlà tí ẹ ò tíì kọ ọjọ́ sí á máa gbé ọjọ́ kan ní ọdún 1899 jáde. Fún agbádá tó máa gba mọnogíráàmù, mo máa ń fi 12 rọ́pò 3 yẹn, nítorí ọjọ́ tó yẹ kó kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ wọn ni mo ń ṣọ́. Tó bá ti lọ, mo máa ń dá a padà sí 3.

Fún ibi tó dé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ ohun tó bá wù ú. Ẹ lo Insert, Dropdown, kí ẹ fi ohun márùn-ún yìí sínú rẹ̀: Ko tii ge, Ti ge, Lodo monogram, Ti ran, Ti gbe lo. Lẹ́yìn náà, ẹ mú A2 dé I500, ẹ lọ sí Format, Conditional formatting, kí ẹ yan Custom formula is, kí ẹ sì fi àwọ̀ pupa sí èyí:

```
=AND($F2<>"",$F2<=TODAY(),$G2<>"Ti ran",$G2<>"Ti gbe lo")
```

Lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe apá yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kódà kó jẹ́ ní káfẹ́. Àwọ̀ náà á máa hàn lórí fóònù lẹ́yìn náà, TODAY á sì máa yí ara rẹ̀ padà lójoojúmọ́.

Owó ni ìjà máa ń wà. Ẹ má ṣe òpó tí ẹ ó máa kọ “ó ti san” tàbí “kò tíì san” sí. Oníbàárà tiwa kì í san báyẹn. Á san díẹ̀ nígbà tó ń gbé aṣọ wá, á fi díẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, á mú díẹ̀ wá lọ́jọ́ tó ń gbà á. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí owó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ lójú ìwé Owo, kí ẹ jẹ́ kí ìwé fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò. Èmi kì í kọ tìránsífà sílẹ̀ àfi tí mo bá rí i nínú àkáǹtì mi. Ẹnìkan ti fi àlẹ́ẹ̀tì hàn mí lórí fóònù tirẹ̀ rí, ó gbé ìró léèsì lọ, títí di òní ni owó yẹn ń bọ̀. Ohun tó wà ní I2 lójú ìwé Ise nìyí, ẹ fa òun náà sísàlẹ̀:

```
=IF(A2="","",SUMIF(A:A,A2,H:H)-SUMIF(Owo!B:B,A2,Owo!C:C))
```

Ó ń kó owó iṣẹ́ gbogbo aṣọ tó jẹ́ T041 jọ, ó sì ń yọ gbogbo owó tó ti wọlé fún T041 kúrò. Ìdí tí mo fi ṣe é báyìí ni pé oníbàárà kì í san àsansílẹ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó máa ń san án pọ̀ ni. Ìyókù kan náà ló máa hàn lórí gbogbo ìlà T041, nítorí náà èyí tó wù kó wá gbà, ẹ ó rí gbèsè tó wà lórí gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, 13 oṣù Kejìlá 2025. Ó fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́bọ̀, 11. Agbádá ọkọ rẹ̀ jẹ́ 45,000 náírà, ìró àti bùbá tirẹ̀ jẹ́ 20,000, aṣọ ọmọ jẹ́ 8,000. Àpapọ̀ 73,000, ó san 40,000 sílẹ̀. Orí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni 33,000 ti máa hàn. Ọjọ́ tèmi fún agbádá á bọ́ sí 29 oṣù Kọkànlá, ti ìró àti ti ọmọ á bọ́ sí 8 oṣù Kejìlá. Ká ní ó wá gbé aṣọ ọmọ ṣáájú, tó san 8,000 pé òun ti san ti ọmọ tán. Ẹ kọ 8,000 sí Owo, orí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di 25,000. Kò sí àríyànjiyàn, agbádá ò ní jáde kí ẹ tó rántí.

Ẹ kàn má ro òpó I pọ̀ láti mọ gbogbo gbèsè ìta. Ẹ ó ka 25,000 yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí ló tọ́, ẹ fi sí K1 lójú ìwé Ise:

```
=SUM(H:H)-SUM(Owo!C:C)
```

Ẹ wá wo ohun tó máa ń kọ̀. Bí fáìlì yín bá wà lórí United States, 05/12/2025 tí ẹ kọ á di 12 oṣù Karùn-ún, kò sì ní sọ fún yín. Ibi tí ẹ ti máa fura ni pé 13/12/2025 á fara ti òsì àpótí, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá, ó ti di ọ̀rọ̀ lásán. Ọjọ́ tó jẹ́ ọjọ́ lóòótọ́ máa ń fara ti ọ̀tún. Ẹ lọ sí File, Settings, Locale, ẹ yan United Kingdom, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ rárá. Owó náà rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá kọ 15k tàbí N15,000, ọ̀rọ̀ ni, ìṣirò á fò ó kọjá láì sọ nǹkankan. Òun náà á fara ti òsì. Iye lásán ni kí ẹ máa kọ.

Ìkẹta ni nọ́ńbà tí wọ́n ṣì kọ lójú ìwé Owo. Oníbàárà ti san, ìyókù ò dínkù, torí pé T014 ni wọ́n kọ dípò T041, tàbí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi fọ́múlà tó wà nísàlẹ̀ yìí sí E2 lójú ìwé Owo kí ẹ fà á sísàlẹ̀. Yóò mú nọ́ńbà tí kò sí rárá àti èyí tó ní àlàfo. Àmọ́ bí T014 bá jẹ́ ti ẹlòmíì lóòótọ́, kò lè mọ̀ ọ́n. Ìyókù onítọ̀hún, tó bá wọ ìsàlẹ̀ òdo, ló máa tú u fó:

```
=IF(B2="","",IF(COUNTIF(Ise!A:A,B2)=0,"Ko si",""))
```

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa yí ibi tó dé padà, ṣùgbọ́n ẹ fi Protect sheets and ranges tó wà lábẹ́ Data ti Owo àti òpó H pẹ̀lú I pa, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì pa ìlà aṣọ tó ti lọ rẹ́. Bí ẹ bá yọ ìlà rẹ̀ kúrò ní Ise, tí owó rẹ̀ ṣì wà ní Owo, gbèsè ìta á dàbí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ fi Filter gbé Ti gbe lo pamọ́. Tó bá di oṣù Kìíní, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ kó àwọn nọ́ńbà tí iṣẹ́ ti tán, tí ìyókù wọn sì jẹ́ òdo, kúrò lójú ìwé méjèèjì, kí èyí tó kù tẹ̀ síwájú.