Ṣé Instagram ti ń fi ọjà mi pamọ́ ni?

Ìbéèrè: Àgbo àti ọṣẹ dúdú ni mò ń tà lórí Instagram. Láti oṣù tó kọjá ni iye àwọn tó ń wo fídíò mi ti já wálẹ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti ṣe mí ní ṣádóbáànì. Ṣé lóòótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba ọ̀rẹ́ yín gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ṣádóbáànì ni pé Instagram kò gbé fídíò èèyàn síwájú àwọn tí kò tẹ̀lé e mọ́. Wọn ò pa fídíò náà rẹ́, àwọn tó ń tẹ̀lé yín ṣì lè rí i, àmọ́ kò ní yọ sí ẹni tó kàn ń wo Explore tàbí Reels kiri.

Tó bá jẹ́ àkáǹtì oníṣòwò lẹ ní, ẹ wo Insights fídíò yín kan tó ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ àti ti ọ̀kan tuntun. Ká ní 5,000 èèyàn ló rí ti tẹ́lẹ̀, tí 4,000 nínú wọn kò sì tẹ̀lé yín. Tí tuntun bá wá jẹ́ 950, tí 900 jẹ́ àwọn tó ń tẹ̀lé yín, àwọn àlejò nìkan ló pòórá nìyẹn, ó sì tó kéèyàn fura. Bí méjèèjì bá jọ dín kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn èèyàn kàn ń fo fídíò náà kọjá ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè profáìlì yín, kẹ́ ẹ wá Account Status. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n yọ kúrò, àti bóyá wọ́n ṣì lè gbé iṣẹ́ yín fún àwọn tí kò tẹ̀lé yín. Òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ohun tí kò burú tó kí wọ́n yọ ọ́ lè má yẹ ní ohun tí wọ́n á máa gbé kiri. Ibi tí àwọn oníṣègùn ń kó sí gan-an nìyí. “Ó ń wo ìtọ̀ súgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ọjọ́ mẹ́ta” wà lára ìlérí ìwòsàn àsọdùn tí òfin kejì kò gbà. Tí wọ́n bá tọ́ka sí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ lè tún un ṣe, kẹ́ ẹ pa á rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ nínú fídíò, yíyí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ padà nìkan kò yanjú ẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ níbẹ̀, ìyẹn ò ní kí fídíò yín rìn dandan. Ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ni ojú ewé yẹn ń kà, kì í sọ ìdí tí fídíò kan fi wà lẹ́yìn òmíràn. Láti 2021 ni Instagram ti sọ pé àwọn ò ní máa gbé fídíò tó ní àmì ápù míì lára kiri bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ látorí TikTok lẹ ti ń dáunlóòdù tiyín, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sórí fóònù ni kẹ́ ẹ máa gbé síbẹ̀.