Omi kì í hó ní 100 ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbẹ̀ kan ní kí n bá àwọn wo ajílẹ̀ funfun tí wọ́n rà pé yúríà ni. Mo tú gíráàmù 6 sínú omi gíráàmù 100, mo gbé e kaná, ó hó ní 99.4. Ìwé sọ pé ó yẹ kó ju 100 lọ. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọgọ́rùn-ún yẹn ni kò tọ́. Etíkun ni omi ti ń hó ní 100. Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 300 mítà, afẹ́fẹ́ tó tẹ omi lórí níbẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, omi sì tètè ń hó. Tí a bá gun òkè tó 300 mítà, ojú ìhó omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi dígírì kan wálẹ̀. Omi lásán lọ́dọ̀ yín yóò hó ní nǹkan bí 98.9. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 99.4, ó ku ìdajì dígírì, ohun tí gíráàmù 6 yúríà sì ń fi kún un gan-an nìyẹn.

Ẹ má tíì jó o. Èmi ni mo fi ìṣirò rí 98.9, kì í ṣe tẹmọ́mítà yín ló sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ tẹmọ́mítà ilé ìwé lè fi dígírì kan parọ́ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ohun tí ọ̀nà yìí ń wọ̀n ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi lásán àti omi tí a tú nǹkan sí, tẹmọ́mítà kan náà, ọjọ́ kan náà. Iye tó wà nínú ìwé kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó sú mi láti máa rí 100 nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí ẹni tó se omi lásán rárá nínú wọn.

Kódà tí ẹ bá sè é, ìhó kọ́ ni màá yàn fún omi. Tí ojú yín bá fi 0.2 péré ṣì í, ìwúwo mólù kan tí ẹ máa rí lè jẹ́ 44, ó sì lè jẹ́ 102. Omi tún ń bá ooru lọ bó ṣe ń hó, ohun tó kù á máa ki sí i, ojú ìhó á sì máa gòkè. Yúríà pàápàá máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi tó ń hó. Tí ẹ bá ń gbóòórùn amóníà, òun nìyẹn.

Ibi tí omi ti ń dì ni kí ẹ lò. Ẹ ra yìnyín ní Sábó, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sí i, kí ó lè tutù dáadáa ju òdo lọ. Ẹ wá tẹmọ́mítà tí wọ́n fi ìlà pín dígírì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Omi bátìrì ni kí ẹ fi tú ajílẹ̀ náà (ẹ ka ara ìgò dáadáa, ásíìdì bátìrì ń bó ẹran ara). Omi bátìrì lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sínú yìnyín yẹn, ẹ máa rò ó. Yóò sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó ti dì, láì dì, lẹ́yìn náà ni yìnyín á yọ lójijì, ìwọ̀n á sì ta padà sókè. Ibi tó ga jù tó ta padà sí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tó rẹlẹ̀ jù. Kí ẹ wá ṣe omi tí ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀ bákan náà.

Ká ní omi lásán dì ní 0.3, ti ajílẹ̀ dì ní −1.5. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1.8. Iye tó jẹ́ ti omi nínú ìdì ni 1.86, M sì ni ìwúwo mólù kan:

```
M = 1.86 × 6 × 1000 / (1.8 × 100) = 62
```

Yúríà jẹ́ 60. Tí ẹ bá fi 0.1 ṣì í, ẹ ó wà láàárín 59 sí 66, èyí sì ṣeé gbà.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ 58.5 lórí ìwé, ẹ lè rò pé kò ní yàtọ̀ sí yúríà. Ó máa yàtọ̀. Iye èérún tó wà nínú omi ni ìdì ń kà, kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Tí iyọ̀ bá wọ omi, á pín sí méjì, sódíọ̀mù lọ́tọ̀, kílóráìdì lọ́tọ̀. Gíráàmù 6 rẹ̀ á fi nǹkan bíi 3.5 fa ìdì wálẹ̀, ìṣirò yín á sì mú nǹkan bí 32 jáde. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tó wà láàárín 32 sí 60, ó lè jẹ́ pé wọ́n da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ ajílẹ̀ mìíràn tó ń pín bí iyọ̀. Ẹ má sì gba ti àwọn tó ń sọ pé tó bá ti mú omi tutù lọ́wọ́, yúríà ni. Amóníọ̀mù náítíréètì náà ń mú omi tutù.

Nítorí náà, 62 yín kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tí ẹ lè gbé lọ bá ẹni tó tà á. Tí owó ńlá bá wà níbẹ̀, ẹ gbé díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wọn náítírójìn inú rẹ̀. Yúríà gidi kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí 46 nínú ọgọ́rùn-ún.