Ìdajì tó sọnù nínú taitiréṣọ̀n

“Ẹ jọ̀ọ́, H₂SO₄ ni mo fi ṣe taitiréṣọ̀n NaOH, àmọ́ ìdajì iye tó yẹ ni mò ń rí. Ṣé kí n tún un ṣe ni?”

Má tún un ṣe, àbúrò. Inú ìṣirò ni àṣìṣe wà. O gbàgbé 2 tó wà níwájú NaOH:

H₂SO₄ + 2NaOH → Na₂SO₄ + 2H₂O

Tó o bá ti rí móòlù ásíìdì, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ HCl lo lò, ọ̀kan sí ọ̀kan ni, má fi ìlọ́po kankan sí i.

Ó ṣe mí rí n'Ifẹ̀. Mo ti wà lórí ìlà tí a ti ń fi ìwé sílẹ̀, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni ojú mi bá bọ́ sórí 1.98 g/dm³. Háà! Gíráàmù 4 NaOH ni mo fọwọ́ ara mi wọ̀n sínú lítà kan. Ibo ni ìyókù gbà lọ?

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fi itan ṣe tábìlì.

1. Ásíìdì 0.050 mol/dm³, 24.80 cm³ láti inú buréètì: móòlù 0.00124.
2. Ìlọ́po méjì rẹ̀: 0.00248.
3. Mo pín in fún 0.025 dm³ NaOH: 0.0992 mol/dm³.
4. Ní ìlọ́po 40, iye gíráàmù tó wà nínú móòlù NaOH kan: 3.97 g/dm³.

Mo fa ìlà kan péré la ti àkọ́kọ́ já, mo kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye tí mo kà lára buréètì, mi ò fọwọ́ kàn án o.

Bí tìrẹ kò bá sún mọ́ ìdajì gan-an, 2 yìí kọ́ ló fà á. Lọ wo bó o ṣe wọn NaOH, nítorí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́.