Èsì: Oògùn tó ń dín ìfẹ́ ọtí kù, àti tramadó

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n kọ nalitirẹsóònù fún ẹ̀gbọ́n mi kó lè fi ògógóró sílẹ̀. Ó ń lo tramadó fún ẹ̀yìn ríro. Ṣé kò léwu?"

Ó léwu o. Ẹ má jẹ́ kó tíì gbé nalitirẹsóònù mì, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tramadó yẹn fún dókítà lónìí.

Bí èèyàn bá mutí, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan jáde tó ń mú ara yá gágá. Ibi tí èròjà yìí ń lẹ̀ mọ́ ni nalitirẹsóònù ń dí pa. Ẹni náà lè mutí, ṣùgbọ́n kò ní gbádùn rẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an náà ni tramadó ń lò. Tí nalitirẹsóònù bá bá a níbẹ̀, á lé e kúrò lójijì: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òógùn, ara ríro. Ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí tramadó fún ọjọ́ 7 sí 10 kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì dá a dúró láìsí dókítà.

Oògùn mìíràn wà fún ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, akamipuroséètì. Òun kì í dé ibi tí tramadó ń lò rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé òun ló bá a mu jù. Ó ń mú kí ọpọlọ tí àìrí ọtí kò jẹ́ kó sinmi rọlẹ̀. Ẹni tó ti ṣíwọ́ ọtí ló ń lò ó: hóró 2 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mílígíráàmù 333 ni hóró kan. Kídìnrín ló ń gbé e jáde, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀ wò.

Oògùn ọtí méjèèjì yìí ò lè dá gìrì tó lè wá bí èèyàn bá ṣíwọ́ ọtí lójijì dúró. Tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mutí, ilé ìwòsàn ni kó ti jáwọ́.